Kí Ló Ń Mú Kí Géèmù Máa Háńgì Lórí Fóònù Olówó Pọ́ọ́kú?

Géèmù tí ojú ń rí lórí fóònù kì í ṣe fídíò tí wọ́n ti yà sílẹ̀. Fóònù fúnra rẹ̀ ló ń ya àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fi wọ́n hàn tẹ̀léra kíákíá títí ojú fi máa rí wọn bí ohun tó ń rìn. Bí géèmù bá fẹ́ fi àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fóònù gbọ́dọ̀ parí àwòrán kọ̀ọ̀kan láàárín nǹkan bí ìdá 17 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá jẹ́ àwòrán 30 ló fẹ́ fi hàn, àsìkò tó ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì, ìyẹn nǹkan bí ìdá 33 nínú ẹgbẹ̀rún. Nígbà tí àwòrán kan bá pẹ́ ju àsìkò rẹ̀ lọ, èyí tó ṣáájú rẹ̀ yóò dúró sójú fóònù. Ẹni tó ń sáré nínú géèmù yóò dúró gbagidi, yóò sì tún yọ níbòmíràn lójijì. Èyí ni àwọn tó ń ta géèmù máa ń pè ní háńgì.

Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, yálà ti Tecno, Infinix, itel tàbí òmíràn, sábà máa ń ní ráàmù gíìgì 2 sí 4, ibi ìpamọ́ gíìgì 32 tàbí 64, àti ẹ̀yìn tí a fi ike ṣe. Lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀, háńgì, ooru àti ibi ìpamọ́ tó kún kì í sábà dá wá. Ètò géèmù tó ga jù ló ń mú púrósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ fóònù, gbóná. Ooru yẹn ló ń mú kí púrósẹ́sọ̀ dín ìyára rẹ̀ kù. Bí ibi ìpamọ́ bá tún ti kún, ohun tí géèmù fẹ́ kà kò ní tètè dé ọ̀dọ̀ púrósẹ́sọ̀ tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ṣáájú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí a tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ìgbà tó ń háńgì ni kí a kọ́kọ́ wò

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ìgbà tí géèmù ń háńgì gan-an, nítorí ìgbà yẹn ló ń tọ́ka sí ohun tó fà á.

Bí géèmù bá ń lọ geere fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í háńgì lẹ́yìn tí ẹ̀yìn fóònù ti gbóná, ooru ni. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé bí fóònù náà bá sinmi fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, géèmù yóò tún dára, yóò sì tún bàjẹ́ nígbà tí ooru bá padà dé. Bó bá ń háńgì láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nígbà tí fóònù ṣì tutù, ètò inú géèmù náà ti ju agbára fóònù lọ. Bó bá jẹ́ pé ó ń pẹ́ kó tó ṣí, tó sì máa ń dúró lójijì nígbà tí ẹni tó ń ta á bá wọ àdúgbò tuntun nínú géèmù, tó wá ń lọ dáadáa lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ibi ìpamọ́ ni. Bó bá sì jẹ́ pé ìpè kan wọlé, tí ènìyàn dáhùn rẹ̀, tó sì rí i pé géèmù ti bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ nígbà tó padà síbẹ̀, ráàmù ni kò tó: fóònù ti pa géèmù náà kí ó lè ráyè fún ohun mìíràn.

Ó tún ku ẹyọ kan tí àwọn ènìyàn máa ń kà mọ́ háńgì, bẹ́ẹ̀ fóònù kọ́ ló fà á, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Láti mọ ìyàtọ̀, kí ẹni tó ń ta géèmù dúró sójú kan, kí ó máa yí ojú yí ká. Bí àyíká bá ń yí geere, ṣùgbọ́n tí àwọn ẹlòmíràn nínú géèmù ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, tàbí tí ìbọn tó yìn kò tètè bá ẹnikẹ́ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe é. Kò sí pípa nǹkan rẹ́ lórí fóònù tó lè wo irú èyí sàn. Bí yíyí yẹn fúnra rẹ̀ bá ń já, inú fóònù ni ọ̀rọ̀ wà. Ó sì yẹ kí a mọ̀ pé lẹ́yìn tí géèmù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àfikún tuntun, ó lè máa háńgì ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá ta á, nítorí ó ń tún àwọn ètò àwòrán rẹ̀ ṣe. Èyí máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Ibi ìpamọ́ tó kún

Ibi ìpamọ́ fóònù kò dà bí ìwé tí a lè kọ nǹkan lé orí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu ojú ibẹ̀ kí ó tó kọ tuntun, kò sì lè nu ẹyọ kan ṣoṣo. Odidi ìdìpọ̀ ló ń nù lẹ́ẹ̀kan. Bí àyè bá pọ̀, fóònù máa ń nu àwọn ìdìpọ̀ kan sílẹ̀ nígbà tí kò sí iṣẹ́, kí ó lè tètè rí ibi kọ nǹkan sí. Bí àyè bá ti tán, ó di dandan kí ó máa kó èyí tó wúlò kúrò nínú ìdìpọ̀ kan lọ sí òmíràn, kí ó nu ti àkọ́kọ́, kí ó tó lè kọ ohun kékeré kan. Ó dà bí olùtajà tí ìsọ̀ rẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà: bí oníbàárà bá béèrè agolo mílíìkì kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé páálí mẹ́ta síta. Ní gbogbo àsìkò yẹn, géèmù tó fẹ́ ka àwòrán ilé tàbí igi kan ń dúró. Irú ibi ìpamọ́ tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n ń pè ní eMMC, kò yára tó UFS tó wà nínú fóònù olówó ńlá, nítorí náà ìdádúró yìí tètè máa ń hàn lórí rẹ̀.

A lè fi fóònù kan tó ní gíìgì 32 ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá ṣí `Settings`, tí a sì wọ `Storage`, a lè rí i pé ètò fóònù fúnra rẹ̀ gba gíìgì 12, géèmù àti àwọn áàpù gba 7, WhatsApp gba 6, fọ́tò àti fídíò tí a fi fóònù yà gba 5, ohun tí a wà jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì gba 1.3, tó wá ku 0.7. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn olówó fóònù ni pé kí ó yọ géèmù kan kúrò. Bẹ́ẹ̀, ibi tí àyè ti rọrùn jù láti rí ni WhatsApp, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ ni fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ẹbí, ẹgbẹ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, tí ẹnikẹ́ni kò tún ní wò mọ́.

Nínú WhatsApp, `Settings`, lẹ́yìn náà `Storage and data`, lẹ́yìn náà `Manage storage` ni a óò tẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti máa ń to àwọn fáìlì tó wúwo jù sókè, tí yóò sì fi ẹgbẹ́ tó gba àyè jù hàn. Ká ní a pa gíìgì 4 rẹ́ níbẹ̀, a kó gíìgì 3 fídíò tí a yà lọ sórí káàdì mẹ́mórì, a sì pa gíìgì 0.8 rẹ́ nínú ohun tí a wà jáde, àyè tó ṣófo ti kúrò ní 0.7, ó ti di 8.5, láìfọwọ́ kan géèmù kankan. Kí WhatsApp má baà tún kún, kí a wọ `Media auto-download` nínú `Storage and data` kan náà, kí a yọ àmì kúrò lára fídíò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa nǹkan rẹ́ tán, kí wọ́n wá rí i pé àyè kò pọ̀ sí i. Ohun tó fà á ni pé áàpù fọ́tò máa ń kó ohun tí a pa rẹ́ sínú `Trash` tàbí `Bin` fún ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá olówó rẹ̀ lè yí ọkàn padà. Àfi tí a bá wọ ibẹ̀ lọ pa á rẹ́ pátápátá ni àyè rẹ̀ tó ń padà.

Fún fóònù gíìgì 32, ó dára kí nǹkan bí gíìgì 5 máa wà lófo nígbà gbogbo. Yàtọ̀ sí pé ó ń jẹ́ kí kíkọ nǹkan yá, àfikún géèmù ń béèrè àyè ju bó ṣe wúwo lọ: fóònù gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀ ná, kí ó tó tú u, kí ó sì tó rọ́pò ti àtijọ́. Àfikún gíìgì 1 lè kọ̀ láti wọlé sórí fóònù tó ṣì ní gíìgì 1.5 lófo.

Fọ́tò àti fídíò ló yẹ káàdì mẹ́mórì, kì í ṣe géèmù. Ọ̀pọ̀ géèmù ńlá kì í gbà kí a kó wọn lọ síbẹ̀, èyí tó bá sì gbà, káàdì tí kò yára yóò mú kí ó háńgì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nínú `Settings`, lábẹ́ `Apps`, géèmù kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì méjì tí a kò gbọ́dọ̀ ṣì mú fún ara wọn. `Clear cache` ń pa àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀ rẹ́, kò sì ní ewu. `Clear storage`, tí fóònù mìíràn ń pè ní `Clear data`, ń pa gbogbo ohun tí géèmù ti gbà sílẹ̀ rẹ́, a ó sì tún fi dátà wà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ń ta Free Fire gẹ́gẹ́ bí àlejò, láìso àkáǹtì rẹ̀ mọ́ Google tàbí Facebook, lè pàdánù gbogbo ohun tó ti kó jọ bó bá tẹ bọ́tìnnì kejì yìí tàbí bó bá yọ géèmù náà kúrò. Ẹni tó bá sì ní Free Fire àti Free Fire MAX pọ̀ lórí fóònù kékeré, MAX ni kó yọ, nítorí òun ló wúwo jù, àkáǹtì kan náà ló sì ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì.

Ooru

Iná bátìrì tí púrósẹ́sọ̀ bá lò, ooru ló ń dà. Fóònù kò ní fáànù. Ara ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ooru náà ń gbà jáde, ike kì í sì tètè jẹ́ kí ooru kọjá. Nígbà tí ooru bá dé ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe fóònù ti là sílẹ̀, púrósẹ́sọ̀ yóò dín ìyára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́; bó ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀ nìyẹn. Áàpù bíi CPU-Z lè fi ìwọ̀n ooru bátìrì hàn. Bí kò bá tíì tó 40°C, kò sí ìṣòro. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ó yẹ kí a dín nǹkan kù. Bó bá ti ń sún mọ́ 45°C, kí a pa géèmù dé, nítorí ooru bẹ́ẹ̀ ń mú kí bátìrì tètè gbó, ọ̀pọ̀ fóònù pàápàá sì máa ń dín ìwọ̀n ṣáájì kù níbẹ̀.

Atẹ́gùn àyíká ní ipa tó pọ̀. Ní ọ̀sán oṣù kẹta ní Ìbàdàn, ó rọrùn kí ooru ìta wà ní 33°C. Fóònù tó wà ní 40°C fi ìwọ̀n 7 péré gbóná ju atẹ́gùn tó yí i ká lọ, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni ooru rẹ̀ ń jáde. Lóru, bí atẹ́gùn bá wà ní 25°C, ìyàtọ̀ náà di 15, ooru á sì máa jáde ní nǹkan bí ìlọ́po méjì. Èyí ni kò jẹ́ kí géèmù kan náà, lórí fóònù kan náà, rí bákan náà ní ọ̀sán àti ní alẹ́.

Ohun tó ń fa ooru jù lẹ́yìn géèmù fúnra rẹ̀ ni kí a máa ta á nígbà tí fóònù wà lójú iná. Bí wọ́n bá mú iná dé, ọ̀pọ̀ ló máa ń ki fóònù bọ iná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré. Ṣáájì nìkan ń mú bátìrì gbóná, ooru rẹ̀ sì ń pàdé ti púrósẹ́sọ̀ nínú àyè tóóró kan náà. Ó sàn kí fóònù gba iná tán, kí a yọ ọ́, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún páwà báǹkì.

Lẹ́yìn èyí, kí a bọ́ páùṣì rọ́bà kúrò lára fóònù, nítorí ó ń di ooru mọ́ inú. Kí a dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù. Kí a má ṣe gbé e lé orí tìmùtìmù tàbí bẹ́ẹ̀dì. Bí fáànù bá wà, kí a jẹ́ kí atẹ́gùn rẹ̀ máa fẹ́ sí ẹ̀yìn fóònù. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti rọ tún ń dá kún ooru, nítorí fóònù ní láti lo agbára púpọ̀ sí i kí ó tó lè bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Jíjókòó sẹ́bàá fèrèsé lè tó láti yí ìyẹn padà. Fírííjì àti yìnyín kọ́ ni ibi tí fóònù gbígbóná yẹ, nítorí omi lè sẹ̀ sínú rẹ̀ nígbà tó bá padà sínú atẹ́gùn ooru, kí ó sì ba a jẹ́.

Ètò inú géèmù

Iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló lágbára jù nínú gbogbo ohun tí a lè yí padà. Ká ní fóònù kan ń lo ìdá 22 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá láti ya àwòrán kan nígbà tó tutù. Bí a bá yan àwòrán 60, tó gbọ́dọ̀ parí láàárín 17, kò ní lè bá a lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Àwọn kan yóò bọ́ sí àsìkò, àwọn mìíràn yóò pẹ́, géèmù á sì máa já. Bí a bá yan 30, ó ní 33, 22 sì bọ́ sínú rẹ̀ dáadáa. Púrósẹ́sọ̀ tún ń rí àyè sinmi láàárín àwòrán kan àti èkejì, ooru á sì dínkù. Àwòrán 30 tí kò yẹsẹ̀ dùn ún wò ju 60 tó ń já sí 38, tó tún ń fò sí 55 lọ.

Ṣùgbọ́n bí ooru bá mú púrósẹ́sọ̀ pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta ìyára rẹ̀, 22 yẹn yóò di 33, kò sì ní ku àyè kankan. Ibi tí ètò yòókù ti wúlò nìyẹn. Bí pípa òjìji bá mú iṣẹ́ náà wá sí 16 nígbà tí fóònù tutù, yóò wà ní 24 nígbà tó bá gbóná, géèmù á sì máa lọ títí eré yóò fi parí. Òjìji wúwo nítorí pé fóònù ní láti ya àyíká kan náà lẹ́ẹ̀kejì láti ibi tí oòrùn wà kí ó tó mọ ibi tí òjìji yóò bọ́ sí.

Nínú Free Fire, abẹ́ `Display` nínú `Settings` ni àwọn ètò yìí wà. Kí a gbé `Graphics` sí `Smooth`, kí a pa `Shadow`, kí a fi `High FPS` sílẹ̀ ní `Normal`. Kí a ta eré fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ooru lè dé ibi tó máa dé. Bí géèmù bá lọ geere títí, a lè wá gbé ohun kan ṣoṣo sókè, kí a tún dán an wò. Ẹni tó bá yí ohun mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó fa ìyípadà tó rí.

Lórí fóònù fúnra rẹ̀, kí a rí i pé `Battery Saver` kò ṣiṣẹ́ nígbà eré, nítorí ó máa ń dín ìyára púrósẹ́sọ̀ kù nígbà tí fóònù tutù pàápàá. Kí a tún wọ Play Store, kí a gbé `Auto-update apps` sí Wi-Fi nìkan tàbí kí a pa á, nítorí áàpù tó ń gba àfikún lábẹ́lẹ̀ ń bá géèmù du púrósẹ́sọ̀ àti ibi ìpamọ́.

Ráàmù, àti àwọn ìlérí tí kò rí bẹ́ẹ̀

Lórí fóònù ráàmù gíìgì 2 tàbí 3, ètò fóònù fúnra rẹ̀ ti gba apá tó pọ̀ kí géèmù tó dé. Títan fóònù pa kí a sì tún un tàn ṣáájú eré, pẹ̀lú yíyọ àwọn áàpù tí a kò lò kúrò pátápátá, ló ń ṣe ìrànlọ́wọ́ jù.

Áàpù tó ń ṣèlérí láti mú fóònù yára kò lè fi agbára kún púrósẹ́sọ̀. Ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé kí ó ti àwọn áàpù mìíràn pa, Android á sì tún ṣí púpọ̀ nínú wọn padà, ìyẹn á sì jẹ iná sí i. Òun fúnra rẹ̀ ń gba àyè, ó sì ń fi ìpolówó hàn.

Àfikún ráàmù tí àwọn fóònù kan ń polówó, bíi `MemFusion` ti Tecno, kì í ṣe ráàmù gidi. Ó ń ya apá kan ibi ìpamọ́ sọ́tọ̀, ó sì ń lò ó bíi ráàmù. Ó lè mú kí áàpù púpọ̀ wà ní ṣíṣí, kí géèmù má tètè kú nígbà tí ìpè bá wọlé, ṣùgbọ́n ibi ìpamọ́ kò sún mọ́ ráàmù gidi rárá ní ìyára, kò sì lè mú kí géèmù yára. Lórí fóònù gíìgì 32 tó ti fẹ́ kún, gíìgì 2 tàbí 3 tí yóò gbà wúlò jù bí ó bá wà lófo.

Bí àyè bá ti wà, tí fóònù tutù, tí gbogbo ètò géèmù wà ní ìsàlẹ̀, tí ó sì ń háńgì síbẹ̀ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, géèmù náà ti ju púrósẹ́sọ̀ yẹn lọ. Géèmù tó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ló kù láti wá. Bó bá sì jẹ́ pé fóònù ń gbóná láìsí géèmù kankan, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú tí ojú rẹ̀ sì ń ṣí kúrò lára férémù, bátìrì ti bàjẹ́. Kí a má ṣe ki irú fóònù bẹ́ẹ̀ bọ iná mọ́, kí a má ṣe tẹ̀ ẹ́ tàbí gún un, nítorí ó lè gbiná. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ni kí ó lọ fún bátìrì tuntun.